Bí mo ṣe ṣírò owó táìsì pálọ̀ àti páséèjì ilé Màámi

Alhaja tó ń ta táìsì ní páálí 22 ló máa tó, ọ̀gá tó máa bá wa lẹ̀ ẹ́ ní 27 ni ká rà. Ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ o, pálọ̀ àti páséèjì ilé Màámi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, táìsì kan náà, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60. Páálí 5 ló wà láàárín wọn, owó páálí kan sì ti fẹ́ẹ̀ tó 13,000 náírà, mi ò wá lè kàn mú ọ̀kan níbẹ̀ kí n máa lọ. Mo gbé tépù, mo gbé ìwé àti bírò, mo ní màá mọ ibi tí kálukú wọn ti mú tiẹ̀ wá.

Wíwọ̀n la fi bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ mítà 5.2, ìkejì jẹ́ 4.1. Ẹ má wọn ibì kan ṣoṣo o, ẹ wọn òkè, ẹ wọn àárín, ẹ wọn ìsàlẹ̀, torí ògiri ilé wa kì í sábà dọ́gba, igun kan lè fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ju ìkejì lọ, èyí tó bá gùn jù lẹ máa kọ sílẹ̀. 5.2 lọ́nà 4.1 jẹ́ 21.32 sikúwẹ́ mítà. Páséèjì gùn ní mítà 5.3, ó fẹ̀ ní 1.25, ìyẹn 6.63. Àpapọ̀ ẹ̀ ò ju bí 28 lọ.

Bí Alhaja ṣe ṣe tiẹ̀ nìyí: ó mú 28, ó fi 10 nínú 100 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́, ó di bíi 31, ó wá fi 1.44 pín in, torí táìsì 4 ló wà nínú páálí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ 0.36 sikúwẹ́ mítà. Ó bọ́ sí 21 àti díẹ̀, ó pè é ní 22. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é, kò sì burú ní yàrá tó bá fẹ̀ dáadáa. (Iye tó wà nínú páálí, ara páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹ wò ó níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣírò, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń di mẹ́rin.)

Ṣùgbọ́n táìsì kì í ṣe ẹ̀mu tí wọ́n ń bù sínú igbá, odindi ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, tó bá wá dé ẹ̀gbẹ́ ògiri wọ́n á gé e. Torí náà mo ya ilẹ̀ yẹn sórí ìwé, mo sì ka táìsì ní ìlà-ìlà.

Ní pálọ̀, 4.1 tá a bá fi 0.6 pín in, ó jẹ́ ìlà 6 àti díẹ̀, ìyẹn ìlà 7. 5.2 náà jẹ́ 8 àti díẹ̀, ìyẹn 9. 7 lọ́nà 9 jẹ́ táìsì 63. Ìṣirò Alhaja fún pálọ̀ nìkan ń lọ sí 66, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Páséèjì ni ọ̀rọ̀ wà. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1.25. Téèyàn bá tẹ́ odindi táìsì 2, ó ti di 1.2, ó wá ku sẹ̀ǹtímítà 5 péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. Wọ́n á gé táìsì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ìka síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ páséèjì dé òpin, kò dáa lójú rárá, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn sì tètè máa ń fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ṣe ni pé á gbé odindi táìsì kan sáàárín, á wá gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 32 àti díẹ̀ lápá ọ̀tún, iye kan náà lápá òsì. Ó máa rẹwà gan-an ni, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìdajì táìsì 60 jẹ́ 30, àwa sì ń fẹ́ 32, nítorí náà táìsì kan ò lè bí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa jẹ odindi táìsì tiẹ̀. Mo bi ọ̀gá pé ṣé a ò wá lè lo 30 kí sikátìn tó máa wà nídìí ògiri bo ìyókù, ó ní sikátìn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ò nípọn tó ohun tó máa ṣẹ́ kù, pé àlàfo á hàn. Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà ìlà kan ní páséèjì jẹ táìsì 3, ìlà 9 ló sì wà, ó di 27. Ìṣirò 10 nínú 100 fún páséèjì ò ju 21 lọ. Táìsì 6 ti já níbẹ̀, kò tíì sí ọ̀kan tó fọ́ o. Ẹ pa 63 àti 27 pọ̀, ó jẹ́ 90. Páálí 22 ti Alhaja, táìsì 88 ló wà nínú ẹ̀.

Ó ku páálí 27 ti ọ̀gá. Mo ní kó ka tiẹ̀ fún mi. Òun náà rí 90 tí mo rí, ó fi 6 kún un fún fífọ́, àmọ́ ó tún ka sikátìn lọ́tọ̀. Tá a bá yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, ìdí ògiri pálọ̀ àti páséèjì jẹ́ bíi mítà 25, odindi táìsì kan ló ń gé sí ọ̀nà 5, tí wọ́n bá tò ó tẹ̀léra ó gùn tó mítà 3, ìyẹn táìsì 9 mìíràn. 105 lápapọ̀, páálí 27 nìyẹn lóòótọ́.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé àwọn ìgékù páséèjì ńkọ́, kí la máa fi wọ́n ṣe? Táìsì 18 la máa gé níbẹ̀, ìgékù ọ̀kọ̀ọ̀kan á ku sẹ̀ǹtímítà 27 ní fífẹ̀, á ṣì gùn ní 60. Sikátìn wa ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní gíga. Ìgékù kan máa bí sikátìn 2, 18 máa bí 36, ìyẹn ti ju mítà 21 lọ. Ti pálọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ kan máa fi ìgékù 20 sílẹ̀ ní ojú ìlà 7, èyí á fún wa ní nǹkan bíi mítà 4 sí i. Ó ti fẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú 25 tá à ń wá! Ọ̀gá wo ìwé yẹn, ó ní bó ṣe rí nìyẹn, pé ìdí tí òun fi ń kà á lọ́tọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbọ́ pé ìgékù ni wọ́n lò. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, táìsì kan náà ni, èyí tó bá ṣì ní ojú tí ilé iṣẹ́ ti gé dán nínú wọn, ẹ kàn ní kó jẹ́ pé ojú yẹn ló máa wà lókè, kí ojú tí ẹ̀rọ gé wà nísàlẹ̀.

Báyìí ló ṣe di páálí 24, ìyẹn táìsì 96, 90 fún ilẹ̀ àti 6 fún fífọ́ àti ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo páálí jẹ́ nọ́ńbà kan náà o. Nọ́ńbà àwọ̀ wà lára páálí, tẹ́ ẹ bá padà lọ ra ọ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn oṣù kan, ó lè jẹ́ orúkọ kan náà kí àwọ̀ ẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán á sì hàn.

Gọ́ọ̀mù ló kàn. Báàgì rẹ̀ jẹ́ kílò 20. Ohun tó ń pinnu iye báàgì ni bó ṣe máa nípọn tó lábẹ́ táìsì: ká sọ pé kílò 1 àti ààbọ̀ fún sikúwẹ́ mítà kan, fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Táìsì ńlá bíi 60, tí wọ́n bá fi tírówẹ̀lì eléyín nà án dáadáa, ó máa ń ku nǹkan bíi mìlímítà 4, ìyẹn kílò 6. 28 lọ́nà 6 jẹ́ 168, mo fi kílò 12 kún un fún sikátìn, 180, báàgì 9 gẹ́lẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú o. A gbé réńjì gígùn kan sórí ilẹ̀ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ìmọ́lẹ̀ ń jáde lábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ń wọlé. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù la fẹ́ fi dí irú kòtò bẹ́ẹ̀ tó wá nípọn tó mìlímítà 10 káàkiri, báàgì 21 la máa rà. Sìmẹ́ńtì báàgì kan àti yanrìn la fi tẹ́ ẹ jú ṣáájú, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù pamọ́ nípa ṣíṣù ú sí igun mẹ́rin àti àárín táìsì. Báàgì díẹ̀ ló máa lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ ìyókù, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ fíríìjì bá bọ́ síbẹ̀ ó máa là. Ẹ fi owó onírin kan ilẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, ibi tó kún á dún kẹ́kẹ́, ibi tó ṣófo á dún gbòngbòn bí ẹni ń lu àgbá. Ọ̀gá wa ní kí n mú táìsì kan jáde kó tó dì, mo yí i padà, gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn ẹ̀ dé igun.

Owó iṣẹ́, 2,500 ló pè fún sikúwẹ́ mítà kan, sikátìn 700 fún mítà kan. Ibi tó yẹ kéèyàn béèrè ni pé sikúwẹ́ mítà èwo? Ti ilẹ̀ ni àbí ti páálí? Ti ilẹ̀ jẹ́ 28, owó ẹ̀ 70,000, sikátìn 17,500, ó jẹ́ 87,500. Ti páálí 24 jẹ́ 34.56, owó ẹ̀ 86,400, àmọ́ inú páálí yẹn ni sikátìn ti jáde, tó bá tún fi owó sikátìn lé e, ẹ ti sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A fi ẹnu kò sí ti ilẹ̀.

Táìsì, 9,000 fún sikúwẹ́ mítà, jẹ́ 311,040. Gọ́ọ̀mù báàgì 9, ní 7,000, jẹ́ 63,000. Gíráọ̀tì àti sipésà gba 8,000, sìmẹ́ńtì àti yanrìn 14,000, dísìkì tí wọ́n fi ń gé e 6,000, ọkọ̀ tó kó ẹrù 12,000. Pẹ̀lú owó iṣẹ́ ó di 501,540. Ẹ fi 28 pín in, ó ń lọ sí 18,000 fún sikúwẹ́ mítà kan, ìlọ́po méjì iye tí Alhaja pe táìsì. Iye ọjà lè yí padà níbi tẹ́ ẹ wà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ owó táìsì lọ́jà, ẹ ti mọ̀ pé ìdajì lẹ gbọ́.

Ìdajì owó iṣẹ́ la kọ́kọ́ san, ìyókù di ìgbà tí a bá ti fi owó onírin kan ilẹ̀ yẹn tán, pálọ̀ dé páséèjì.