Kiriatíìnì tó dì gbagidi nínú ike

Òjò Èkó mú kí kiriatíìnì mi, ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń ṣe eré ìmárale máa ń lò fún iṣan, dì gbagidi nínú ike. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Bí a ṣe ń ṣí ike náà ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n dídì nìkan kì í ṣe ìbàjẹ́. Mo fi ṣíbí gbígbẹ tẹ ìṣù kan, ó fọ́ wuuru, ó funfun, kò rùn. Mo sẹ́ ẹ, mo dà á sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, mo sì ju àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sí i.

Ká ní ó rin gbindin, tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àmàlà, tó bu tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ààtàn ni ì bá lọ. Inú omi ni kiriatíìnì ti ń di kiriatiníìnì díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò sì wúlò fún iṣan.

Ẹ má gbé e sí fíríìjì o! Bí ike tútù bá jáde sínú ooru, omi á sẹ̀ sí i.