Téèpù Télọ̀ àti Ẹsẹ̀ Kan Tó Wú: Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹ̀jẹ̀ Dídì Inú Ẹsẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ti Dé Ẹ̀dọ̀fóró

Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá ṣàdédé wú, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé làkúrègbé ni, tàbí pé onítọ̀hún ti tẹ nǹkan. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pe ẹni tí yóò fi òróró gbígbóná wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wíwú kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. DVT ni ẹ ó rí lórí káàdì ilé ìwòsàn fún èyí tó wà nínú ẹsẹ̀, PE sì ni fún èyí tó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn kan náà ni méjèèjì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà dúró sí ló yàtọ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń yọ lábẹ́ awọ. Ó wà nísàlẹ̀, láàárín ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti ti itan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Kò lágbára láti dá iṣẹ́ yìí ṣe. Bí a bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ ló ń fún un, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ìdí nìyí tí ewu fi pọ̀ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tí wọ́n fi pí-ó-pí di ẹsẹ̀ rẹ̀, aboyún àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, àti ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí.

Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ló fi hàn ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pé ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń bá nínú ẹ̀dọ̀fóró òkú, ibòmíràn ló ti wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró? Ẹ wo bí odò ṣe ń ṣe: odò kéékèèké ń ya wọnú odò ńlá, odò ńlá ń wọnú èyí tó tún tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ẹsẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sókè, láti ẹ̀yìn orúnkún dé itan, dé ikùn, títí dé apá ọ̀tún ọkàn. Ohun tó já láti ẹsẹ̀ kò ní rí ibi tó há lójú ọ̀nà yìí. Láti ọkàn ni iṣan ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín wẹ́wẹ́ bí ẹ̀ka igi nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti há. Ibi tó bá dí, atẹ́gùn ń wọlé síbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ láti gbà á. Ọkàn á sì máa ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì

Ẹ mú téèpù télọ̀. Kí ẹni náà na ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ wá egungun tó yọ kókó díẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún níwájú. Láti orí kókó náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá yí téèpù po ẹsẹ̀ níbi àmì náà láì fún un. Ẹ ṣe ìkejì bákan náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ tóbi ju èkejì, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Láì sàmì, ẹ ó wọn ọ̀kan lókè, ẹ ó wọn ìkejì nísàlẹ̀, iye tí ẹ bá rí kò ní wúlò.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ihò ń kù síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú ní dọ́gbadọ́gba, ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ni a máa kọ́kọ́ fura sí. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo: ó wú, ó ń dunni nínú ẹran bí ìgbà tí iṣan bá fà, ó gbóná ju èkejì lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yí padà. Lára àwọ̀ dúdú, ẹ má retí pupa. Ó lè kàn dú sí i, kó sì máa dán nítorí pé awọ ti fẹ̀. Ní ti àyẹ̀wò àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ sókè láti mọ̀ bóyá yóò dun ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń parọ́ síhìn-ín, ó ń parọ́ sọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ló ń kùn. Ó já bọ́ lórí àkàbà, ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán, wọ́n sì fi pí-ó-pí dì í fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọjọ́ kejì tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ náà wú. Àwọn ará ilé ní kò burú, pé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ni. Téèpù sọ pé òsì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 39 àti ààbọ̀, ọ̀tún jẹ́ 35 àti ààbọ̀. Ó fi 4 yàtọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ẹsẹ̀ tó ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà nínú pí-ó-pí yẹ kó ti rù, nítorí pé ẹran rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Òun ló yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tó bá wá jẹ́ òun ló tóbi, wíwú náà ju ohun tí téèpù kà lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: dókítà á ka máàkì

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ni wọ́n ń sáré gbé lọ sí sikáànù. Philip Wells, dókítà ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n kan tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé. Ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí ní máàkì kan: ẹsẹ̀ tó wà nínú pí-ó-pí láìpẹ́, ìrora lójú ọ̀nà iṣan náà, ìyàtọ̀ tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ihò tó ń kù lẹ́sẹ̀ tó wú nìkan, àti àwọn mélòó kan bẹ́ẹ̀. Bí ohun mìíràn bá wà tó lè ṣàlàyé wíwú náà bákan náà, wọ́n á yọ 2. Láti 2 sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.

Akùnlé wa ní mẹ́rin yẹn pé. Ká tilẹ̀ ní dókítà yọ 2 nítorí egungun tó kán, 2 ló kù, ó ṣì wà lójú ààlà. Kò sọ́nà tí a fi lè dá a padà sílé pẹ̀lú oògùn ìrora.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lábù tàbí sikáànù?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà, dí-dáímà, tó ń wá èérún tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré, tó jẹ́ 1 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, òun ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Bí èsì rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, a lè gbà pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì. Ṣùgbọ́n bó bá ga, kò tíì fi nǹkan kan hàn. Oyún ń gbé e ga, àkóràn ń gbé e ga, iṣẹ́ abẹ, jẹjẹrẹ àti ọjọ́ orí náà ń gbé e ga. Ní ọ̀pọ̀ lábù, 500 ni ààlà. Fún ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po mẹ́wàá, tó túmọ̀ sí pé ààlà ìyá ẹni ọdún 72 á jẹ́ 720. Ẹ béèrè ààlà tí lábù yín fúnra wọn ń lò, nítorí òṣùwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Akùnlé kò nílò dí-dáímà. Sikáànù ẹsẹ̀ ló kàn. Wọ́n á fi jẹ́lì pa itan àti ẹ̀yìn orúnkún, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ náà tẹ iṣan. Iṣan tó ṣófo á pẹlẹbẹ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i lójú ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ á padé. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí kò ní padé. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Kò dunni púpọ̀, kò sì ní ìtànṣán tó lè pa ọmọ inú lára, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, sikáànù yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe fún un. Iṣan tó wà lẹ́yìn orúnkún akùnlé kò padé.

Àbùkù sikáànù náà ni pé èyí tó kéré nísàlẹ̀ orúnkún lè pamọ́ fún un. Bí kò bá rí nǹkan, tí dí-dáímà sì ga, ẹ padà lọ ṣe é lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé láàárín ìgbà yẹn, èyí tó pamọ́ lè ti gùnkè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀dọ̀fóró

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi akùnlé bó ṣe ń mí, ó ní láti àná, bóun bá gun àtẹ̀gùn, òun ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì ń gún òun bóun bá mí kanlẹ̀. Kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó rò pé àìrìn ló fà á. Ìṣọwọ́mí tó ṣàdédé kúrú, ẹ̀gbẹ́ gígún, ọkàn tó ń sáré, nígbà mìíràn ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀: àmì pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti dé ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ẹni tó bá dákú tàbí tí ètè rẹ̀ ń dú, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wọn ẹsẹ̀ mọ́.

Ọkàn akùnlé ń lù nígbà 112 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há a níka ka ọ́síjìn sí 93. Òṣùwọ̀n Wells mìíràn wà fún ẹ̀dọ̀fóró: àmì ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀ ní 3, pé kò sí àlàyé mìíràn tó dára tó èyí ní 3, ọkàn tó ju 100 lọ ní 1 àti ààbọ̀. Ó ti di 7 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ti ju 4 lọ, sítí sikáànù àyà ló kàn. Wọ́n á ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n á sì yẹ ìlù ọkàn rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n fọ́tò lè mọ́ kedere nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì wà níbẹ̀. Nímóníà àti ìkọlù ọkàn ni wọ́n ń fi wá.

Fún sítí náà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ti oògùn kan tó ń mú iṣan hàn sínú apá rẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná fún ìgbà díẹ̀, ibi tí oògùn náà kò bá dé nínú ẹ̀ka iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ti dì. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á fẹ́ mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa lè ṣe irú sikáànù mìíràn tó ń fi atẹ́gùn wé ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n kò sí níbi púpọ̀.

Ìlú tí akùnlé wà kò ní ẹ̀rọ sítí, èyí tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta. Dókítà kò dúró dè é. Kò dákú, ìfúnpá rẹ̀ dúró, sikáànù ẹsẹ̀ sì ti fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i ni wọ́n á fún un fún ti ẹsẹ̀, òun náà sì ni wọ́n á fún un fún ti ẹ̀dọ̀fóró, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n béèrè bóyá ó ní ọgbẹ́ inú tàbí ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní rárá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ síkùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ṣe sikáànù náà fún un, wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá áḿbúláǹsì tí yóò gbé e lọ fún sítí.