Bí a ṣe ń gba àsùránsì kan fún gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ìrìnnà kékeré

Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń ná ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ lè kó gbogbo wọn sábẹ́ ìwé àdéhùn kan ṣoṣo, èyí tí àwọn alásùránsì ń pè ní fúlọ́ọ̀tì. Ó rọrùn, torí ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń parí, ẹni tó sì kó ọkọ̀ púpọ̀ wá lè dúnàá-dúrà ju ẹni tó mú ẹyọ kan wá lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbani tàbí kó ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ẹ kọ́kọ́ kó káàtì gíríìsì, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ jáde. Ẹ ti inú rẹ̀ ṣe àdàkọ nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì àti iye ìjókòó. Ẹ má fi orí kọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sídìí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí ẹ kọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe gan-an. Owó àsùránsì ọkọ̀ tó ń kó èrò ga ju ti ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí alágbàtà kan fi lè ní kí ẹ jẹ́ ká kọ èyí tó dínwó. Ẹ má gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ obìnrin kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bọ́ọ̀sì méjì tó ń kó èrò, tákísí kan àti kámíọ̀ tó ń kó àgbàdo. Wọ́n kọ bọ́ọ̀sì kejì bí ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ó san 120 000 Sẹ́fà. Ká ní wọ́n kọ èrò síbẹ̀ ni, 180 000 ni ìbá san. Bọ́ọ̀sì náà wá kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn, gbèsè rẹ̀ jẹ́ 900 000. Abala 19 òfin Símà, tó ń darí àsùránsì ní Bẹ̀nẹ̀, sọ pé tí oníbàárà ò bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n á dín owó kù gẹ́gẹ́ bí ohun tó san ṣe kéré sí ohun tó yẹ kó san. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló san, nítorí náà 600 000 ni àsùránsì máa gbé. Wọ́n á san 900 000 pé fún ẹni tí wọ́n kọlu, torí òfin ò jẹ́ kí ìyà ẹlòmíràn jẹ ẹ́, wọ́n á sì padà wá gba 300 000 lọ́wọ́ obìnrin náà. Torí 60 000! Tí wọ́n bá fi hàn pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, abala 18 á sọ àdéhùn náà di òfo pátápátá.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà náà kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé ju èrò mẹ́jọ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwakọ̀ ẹ̀ka D. B kò tó. Bí ó bá jẹ́ B ló ní, àsùránsì lè san fún ẹni tó fara pa kí wọ́n sì wá gba owó náà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé gbogbo dírẹ́bà pamọ́, títí kan ti ẹni tó kàn ń bá wọn wa ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Tó bá wá ku owó àsùránsì, ẹ san án kí ọkọ̀ tó gbéra. Abala 13 ò jẹ́ kí àsùránsì bẹ̀rẹ̀ láìsan owó, ìlérí pé ẹ ó san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sì gbà yín. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka nọ́ńbà àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Fún ọkọ̀ tó máa gba Ìlárá wọ Nàìjíríà, ẹ béèrè káàtì búrúùnù ti Ẹ́kówáàsì, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982. Ohun tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kì í tún ọkọ̀ yín ṣe.

Ọkọ̀ tí ẹ bá rà láàárín ọdún kì í bọ́ sínú fúlọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹ lọ gba àfikún ìwé àdéhùn kí ọkọ̀ náà tó gbé èrò àkọ́kọ́, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ ti tà kúrò.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni òfin fún yín láti fi tó wọn létí. Tí wọ́n bá jí ọkọ̀ gbé, wákàtí 48 péré ni. Fóònù nìkan ò tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ ó mú lọ sílé.