Àkàndùn Ẹni Tó Ń Fọ Abọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nílé, Àti Ìgbà Tí Ọyún Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Jáde

Obìnrin kan tó ń fọ abọ́ nílé olóúnjẹ kan n'Íbàdàn gbé àtàńpàkò ọ̀tún rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹta tó ti ń dùn ún nìyẹn. "Nọ́ọ̀sì, mi ò fojú kan oorun. Ńṣe ló ń sọ kúlúkúlú." Awọ etí èékánná rẹ̀ ti pọ́n, ó ń dán, ó sì wú. Àkàndùn nìyẹn.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìdí èékánná tó lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló ń dí àyè tó wà láàárín awọ àti èékánná. Bí ọwọ́ bá ń wà nínú omi ọṣẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, awọ yìí á rọ̀, á ṣí kúrò. Kànìnkànìn onírin á wá gún ibẹ̀, kòkòrò àrùn á gba ojú ihò yẹn wọlé.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó pọ́n tó sì ń dùn ṣùgbọ́n tí ọyún ò tíì sí níbẹ̀, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ kọ́kọ́ fi abọ́ fífọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ kékeré, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín dán an wò. Bí ìgbọ̀nwọ́ ò bá lè gbà á, ó ti gbóná jù. Ẹ ri ìka bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Obìnrin yẹn bi mí pé, "Ṣé omi tó fà á náà lẹ tún ní kí n rì í sí?" Ìbéèrè gidi ni. Omi abọ́ fífọ̀ ń pẹ́ lára, ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Èyí kò pẹ́, ooru rẹ̀ ń mú kí ìrora rọlẹ̀, ẹ ó sì nu ìka gbẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, títí dé kọ̀rọ̀ èékánná. Ẹ lè wá fi ìpara apakòkòrò bíi mupirósìnì pa á.

Ẹ má ṣe ki ìka náà bọ inú ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má sì tú kápúsù pupa àti yẹ́lò lé e lórí. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tàbí abẹ fífárí tú u. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kì í ṣe gbogbo ìka tó wú ló ní ọyún. Bí ẹ bá rí iléròrò wẹ́wẹ́ tí omi inú wọn mọ́ gaara, ó lè jẹ́ àrùn tí a kì í gé rárá. Ẹ jẹ́ kí elétò ìlera wò ó.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọyún ti wà? Ojú kan á funfun tàbí kó ní àwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ awọ, á sì rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Mo rọra tẹ ikùn àtàńpàkò obìnrin náà, lódìkejì èékánná, ojú ibì kan létí èékánná sì ṣì funfun ju ìyókù lọ. Ibẹ̀ ni ọyún kó sí. Tó bá ti rí báyìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan kì í sábà tó mọ́.

Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tí ò jẹ́ kí ìka mọ ìrora. Ó wá ki irin pẹlẹbẹ tí a ti bọ̀ sáàárín èékánná àti awọ, ó gbé awọ sókè díẹ̀, ọyún sì jáde. Kò gé ẹran ara. Obìnrin náà ń bá rírì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ fún ọjọ́ méjì kí ihò má tètè dí. Bí ọyún bá jáde tán, tí pípọ́n ò sì tàn kálẹ̀, a kì í sábà nílò oògùn apakòkòrò oníhóró.

Ẹ lọ sílé ìwòsàn bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò sàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ bí ibà bá dé, bí ìlà pupa bá ń gun apá, bí ikùn ìka bá le gan-gan, tàbí bí gbogbo ìka bá wú, tó tẹ̀, tí nínà rẹ̀ sì ń dùn yín wọra.

Èyí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ń lọ tó ń bọ̀, yàtọ̀. Omi àti ọṣẹ ló ń bá awọ jà níbẹ̀, apakòkòrò nìkan ò sì ní wò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú sábẹ́ ti rọ́bà, kí ẹ bọ́ ọ kíá bí omi bá wọnú rẹ̀. Ẹ fi fasilíìnì pa ìdí èékánná lẹ́yìn iṣẹ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó tún lẹ̀ mọ́ èékánná padà, ẹ má sì ṣe gé e nígbà tó bá hù.