Bí mo ṣe kó fọ́tò ọmọ mi kúrò lórí Fesibúùkù, àti àkáǹtì Màmá Àgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnì kan jí fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ mi obìnrin, ó fi ṣí àkáǹtì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn ọkàn ń bá ọmọ náà jà, kí àwọn aláàánú fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́. Ọmọ tó ń sáré kiri nílé wa ní Òkè-Fìà! Ìyá kan tí a jọ ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló pè mí, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, kí ni dókítà wí? Owó ìyá yẹn ti wọgbó nìyẹn.

A fẹjọ́ àkáǹtì olè náà sùn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n níbo ló ti rí fọ́tò mú? Tèmi àti ti bàbá wọn kò gba wàhálà: inú "Activity log" la ti ṣà wọ́n, a kó wọn sí "Trash". Wọ́n máa ń wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́ kí wọ́n tó parẹ́. Èmi ò dúró, mo wọ ibẹ̀ lọ pa wọ́n rẹ́ pátápátá.

Ó wá ku ẹbí. Àbúrò ọkọ mi ní Ìgbọ̀nà ní òun ti yọ ọ́, àṣé "Remove tag" ló tẹ̀. Orúkọ mi nìkan nìyẹn ń yọ, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀ gbọnin. "Delete photo" ló yẹ kó tẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́.

Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló le jù. Wọ́n bínú. "Ṣé èmi ni mo máa fi ọmọ-ọmọ mi ṣe ibi?" Mo kúnlẹ̀, mo fi fọ́tò tí olè náà lò hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́, wọ́n wo igun rẹ̀, ibi tí ọwọ́ kan ti di aṣọ òfì ọmọ náà mú, wọ́n rí ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ náà. "Háà! Ọwọ́ mi rèé!" Láti orí àkáǹtì wọn ló ti jí i. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tì mí lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àkáǹtì yẹn kò ṣí mọ́. Wọn kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, síìmù tí wọ́n fi ṣí i sì ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì. Mo lọ sí facebook.com/login/identify, ó rí orúkọ wọn, ó ní òun ti fi nọ́ńbà tí a ó fi wọlé ránṣẹ́ sórí síìmù yẹn. Mo pe síìmù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e. Wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn! Mo bẹ̀ ẹ́ kó ka nọ́ńbà tó wọlé fún mi. Ó ní gbájúẹ̀ ni mí, ó pa fóònù. Màmá Àgbà fúnra wọn pè é, wọ́n kì í, wọ́n ṣàdúrà fún un, kò dáhùn. N kò lè bá a wí, torí ohun tí gbogbo wa ń kọ́ ọmọ wa nìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tí a kò mọ̀ rí lè fi nọ́ńbà yẹn wọ àkáǹtì ìyá wa nígbà tó bá wù ú, àwa kò lè wọ̀ ọ́.

Ohun tó yọ mí ni fọ́ọ̀mù kan nínú "Help Center" Fesibúùkù, èyí tí òbí fi ń béèrè pé kí wọ́n yọ fọ́tò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Kò bèèrè pé kí o lè wọ àkáǹtì tí fọ́tò wà. Líǹkì ló ń fẹ́, kì í sì í ṣe líǹkì ojú ìwé Màmá Àgbà, bí kò ṣe ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ṣí fọ́tò náà fúnra rẹ̀, kí o wo líǹkì tó wà lókè bóyá "fbid=" wà nínú rẹ̀, kí o tó dà á kọ. Báyìí ni mo ṣe ṣe gbogbo àwo fọ́tò ìsọmọlórúkọ yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n yọ wọ́n. Mo yọ̀, mo pariwo! Àwọn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nìkan ni n kò lè bá a ṣe: ó ti pé ọdún 14, wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ni kó béèrè.

Bí ìyá yín bá fẹ́ pààrọ̀ síìmù, ẹ kọ́kọ́ wọ "Accounts Center", ẹ fi nọ́ńbà tuntun síbẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó ku àbúrò bàbá wọn ní Ìlobù, tó fi ojú ọmọ mi ṣe fọ́tò Wasáàpù rẹ̀. Ó gbà láti yí i sí "My contacts" ná, kí àjèjì má baà rí i. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ kún inú fóònù yẹn, nítorí náà mo ń lọ bá a nílé lọ́jọ́ Sátidé.