Bí a ṣe ń dá ọjọ́ fún oníbàárà tó fẹ́ àdìrẹ tí kò sí nílẹ̀, àti ìgbà tó yẹ ká gba owó rẹ̀

Ẹni tó bá ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ìbáà jẹ́ lórí fóònù, mọ ìbéèrè yìí: "Ṣé páátánì yìí ṣì wà?" Bí ó bá ti tán, tàbí tó jẹ́ pé aláró kò tíì fọwọ́ kàn án, ohun tó máa ń yára jáde lẹ́nu ni "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fa ìjà. Ẹ má dá ọjọ́ kankan títí ẹ ó fi ṣí ìwé yín.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye aṣọ, páátánì àti àwọ̀ tó fẹ́, àti ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹ má béèrè ọjọ́ ìnáwó nìkan. Aṣọ ẹbí tó dé nígbà tí ìnáwó ku ọjọ́ mẹ́ta ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìwé tí mo ń wí kò ju ìwé ọmọ iléèwé lọ. Ní gbogbo ìgbà tí aláró bá rẹ ọwọ́ aṣọ kan, ìyẹn iye aṣọ tó ń rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé aṣọ funfun fún un àti ọjọ́ tí aṣọ náà dé ọwọ́ yín ní gbígbẹ, tí wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí aláró sọ kọ́ ni kí ẹ kọ o, ọjọ́ tó gbé e dé gan-an ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìṣirò ọjọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Ká ní aláró yín máa ń rẹ aṣọ 10, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, ní ọwọ́ kan. Ẹ wo ọwọ́ 10 tó kẹ́yìn nínú ìwé, kí ẹ sì to iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà láti orí èyí tó yá jù dé orí èyí tó pẹ́ jù: 6, 7, 7, 8, 8, 8, 9, 10, 11, 17. Èyí tó wà ní ipò kẹjọ ni kí ẹ mú, ìyẹn ọjọ́ 10. Ẹni tó bá mú 6 ń fi ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bọ́ sí i ṣe ìlérí. Ẹni tó mú 8 náà kò tíì bọ́, nítorí ọwọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá yẹn ló pẹ́ ju 8 lọ. Bí ẹ bá mú 10, méjì péré ló kọjá rẹ̀. Ní ti 17 yẹn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òjò ni, tàbí àìsí aṣọ funfun ni.

Ìgbà yìí la ó wá ka àwọn tó wà níwájú. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni oníbàárà kan ní Ìbàdàn béèrè aṣọ 8 fún ẹbí rẹ̀, ọwọ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ 16 tí àwọn ẹlòmíràn ti sanwó fún ti wà lórí ìlà. Ọwọ́ àkọ́kọ́ yóò gba 10, ọwọ́ kejì yóò gba 6 tó kù, àyè 4 yóò sì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ má fi 4 nínú aṣọ rẹ̀ sí àyè yẹn! Aró inú ìkòkò kì í dúró bákan náà láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ọ̀kan lè dúdú ju èkejì lọ, ojú ènìyàn yóò sì rí i kedere nígbà tí ẹbí bá tò láti ya fọ́tò. Aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ wọ inú aró kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, gbogbo 8 ń lọ sí ọwọ́ kẹta, kí ẹ fi àyè 4 yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi aṣọ mẹ́ta tó ṣẹ́ kù nínú ṣọ́ọ̀bù kún aṣọ ẹbí tuntun.

Ọwọ́ mẹ́ta, ọjọ́ 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ọjọ́ 30. Ẹ fi ọjọ́ 3 lé e fún fífi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá gbéra. Ọjọ́ 33 lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé: "Kò ní kọjá ọjọ́ 4 oṣù Keje." Ẹ má sọ pé "bí oṣù kan," nítorí ọjọ́ tí a dárúkọ nìkan ni oníbàárà lè bá télọ̀ rẹ̀ sọ.

Ìkìlọ̀ kan: ọjọ́ 10 tó jáde láti inú ìwé ìgbà ọyẹ́ kò wúlò fún oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn tí aláró bá ti fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ, oòrùn ló kù, bí òjò bá sì ṣú lójoojúmọ́, aṣọ yóò wà lórí okùn. Ìgbà òjò ni kí ẹ fi wọn ìgbà òjò.

Ó wá kan owó. Àsansílẹ̀ tí ẹ ó gbà kò gbọ́dọ̀ ju owó aṣọ funfun lọ, ọjọ́ tó bá sì wọlé ni kí ẹ ra aṣọ náà. Bí ẹ ò bá ní lè rà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má tíì gbà á. Owó tó bá jókòó sínú àkáǹtì yóò bá owó oúnjẹ lọ, bí aṣọ funfun bá sì wá gbówó lórí, ẹ̀yin lẹ ó fi owó ara yín dí i. Ká ní aṣọ kan jẹ́ ₦20,000, tí aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Oníbàárà Ìbàdàn yẹn yóò san ₦72,000 kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìlà. Ọjọ́ tó bá san án ni kíka ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó béèrè. Bí ó bá pẹ́ kó tó san, ẹ tún ìṣirò ṣe.

Ìdí tí àsansílẹ̀ fi dúró sórí aṣọ funfun ni pé ó rọrùn láti dá padà. Bí oníbàárà bá yí ọkàn padà kí aṣọ tó wọ inú aró, aṣọ funfun yẹn yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti béèrè sílẹ̀. Owó tó mọ́gbọ́n dání nìkan lẹ lè yọ. Ẹ sọ iye tí ẹ ó yọ kí ó tó sanwó.

Bí ìkànnì yín bá jẹ́ ti WooCommerce, ibi tí wọ́n kọ "Allow backorders?" sí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá yan "Allow, but notify customer", ohun tí oníbàárà yóò rí ni "Available on backorder", kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀, odidi owó ni yóò sì san. "Do not allow" ló dára jù fún páátánì tó ti tán, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Bí nǹkan bá máa pẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ tí ọwọ́ kẹta bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọwọ́ kejì bá ti jẹ ọjọ́ márùn-ún lé, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òjò kò jẹ́ kí aṣọ tó ṣáájú tiyín tètè gbẹ. Ọjọ́ 4 oṣù Keje la sọ, ó ti di ọjọ́ 9 báyìí. Bí ìyẹn bá ti pẹ́ jù fún télọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká mọ̀ lónìí, a ó dá ₦72,000 yín padà kí ilẹ̀ tó ṣú." Ọjọ́ tuntun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ dá. Tí ẹ bá dá a lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gba ẹ̀kẹta gbọ́.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tán, ẹ tẹ́ gbogbo 8 sílẹ̀ níta, ẹ ya fọ́tò wọn pọ̀ ní ojúmọmọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó béèrè ₦88,000 tó kù. Ìgbà tó bá wọlé, tó sì hàn nínú àkáǹtì yín gan-an, ni kí ẹ gbé ẹrù lọ sí gáréèjì Kútọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà dírẹ́bà àti fọ́tò wébíìlì ránṣẹ́ sí i kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tí ọwọ́ kẹta gbà sínú ìwé, nítorí òun ni yóò wọ ìṣirò oníbàárà tó kàn.