Ògiri sẹ́ẹ̀tì mi ò gbó, ó kàn dà bí ìwé tí wọ́n fàlà sí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo kun pílíwúùdù fún eré orí ìtàgé wa, wọ́n ní kó dà bí ilé àtijọ́ kan n'Íbàdàn. Mo fi ọ̀dà dúdú fa ìlà búlọ́ọ̀kù sí gbogbo ara ẹ̀, mo wá ta búráùn sí i káàkiri, àmọ́ kò jọ ògiri rárá. Báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ bo ìlà yẹn. Ògiri tí wọ́n bá ti rẹ́, ìlà búlọ́ọ̀kù kì í hàn, àfi ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ti ṣí kúrò. Yan ojú ibi méjì péré, bóyá ìsàlẹ̀ tí òjò ń ta sí àti abẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni kó o ya búlọ́ọ̀kù sí, ínǹṣì 18 ní gígùn, 9 ní gíga, kí ojú ìpàdé tòkè bọ́ sí àárín tìsàlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn ò dúdú o, àwọ̀ eérú bíi ti búlọ́ọ̀kù náà ni, ó kàn mọ́ díẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó dúdú ni òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù òkè, etí òkè búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ sì ni iná máa ń bà, torí náà fi ọ̀dà tó mọ́ kàn án wẹ́rẹ́. Etí ibi tó ṣí yẹn, po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlù funfun kó o fi gbé e sókè tó ààbọ̀ ínǹṣì, kí iná ìtàgé fúnra ẹ̀ lè ṣe òjìji síbẹ̀.

Ti búráùn yẹn, ó dà bíi pé ilẹ̀ lo tẹ́ pákó sí nígbà tó o ń kùn ún, ìyẹn ló jẹ́ kó dúró bíríkítí. Àbàwọ́n ògiri, omi ló ń gbé e wá, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ ni. Gbé pákó nàró, fọ́n omi sí i kó tutù, po ọ̀dà ife kan mọ́ omi ife mẹ́rin, wá fi búrọ́ọ̀ṣì kan igun méjèèjì abẹ́ fèrèsé kó máa ṣàn fúnra ẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ kó o tó tún un ṣe, torí àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí pa dà tó bá gbẹ. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹrẹ̀ pupa ni, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ẹ̀múṣọ̀n tí ò dán ni kó o lò, gúlọ́ọ̀sì á máa kọ mànà tí iná bá ti bà á.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé sà. Tó bá jẹ́ bíríkì pupa ń kọ́?

Ìdáhùn: Sìmẹ́ǹtì àti òjìji ẹ̀, bákan náà ni. Àmọ́ má fi pupa kan ṣoṣo kùn ún, po oríṣi mẹ́ta, kó o jẹ́ kí díẹ̀ dúdú bí èyí tí iná jó jù. Níbi tí omi bá ti ń gbé, fi kànìnkànìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tẹ funfun díẹ̀ sí i, iyọ̀ tó ń hù jáde lára bíríkì nìyẹn.